Ìbéèrè La Ń Pín, A Kì Í Pín Ìwé Kíkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé sọ l'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé kan rèé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n wá, mo kàn gé àwàdà kúrò níbẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ náà sá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bá a ṣe fìdí rẹmi fún yín. Ọdún kìíní tèmi, àwa mẹ́fà la jọ ń kàwé, kọ́ọ̀sì páàkì wa ní orí 12, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ẹnì kan wá ní àbá, ó ní kí kálukú mú orí méjì méjì, kó kà á, kó kọ kókó inú ẹ̀ sí ojú ìwé kan, ká ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ fún ara wa, ó parí. Inú gbogbo wa dùn, ẹ gbọ́, ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn, ìwé tó yẹ kéèyàn fi oṣù mẹ́ta kà, a ti kà á tán lọ́sẹ̀ kan! Ẹni tí orí tó sọ̀rọ̀ nípa ẹlasítísítì, ìyẹn bí iye tí èèyàn ń rà ṣe máa ń yí padà tí owó ọjà bá yí, bọ́ sí lọ́wọ́ wá kọ fọ́múlà ẹ̀ ní ìdoríkodò, ó gbé owó ọjà sókè, ó gbé iye tí wọ́n rà sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ṣí orí yẹn wò lára àwa márùn-ún yòókù. A há a sórí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tá a dé yàrá ìdánwò, ìbéèrè kìíní, èyí tó jẹ́ dandan, ẹlasítísítì ni. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ àṣìṣe kan náà, fọ́múlà kan náà, ìdoríkodò kan náà, débi pé lẹ́ṣọ́rà pè wá, ó rò pé ṣe la jíwèé wò. A ò jíwèé wò o. A kàn gbára lé ẹnì kan ni.

Márùn-ún nínú wa ló kó kọ́ọ̀sì yẹn lọ sí ọdún tó tẹ̀ lé e, kárí ófà gidi, ibẹ̀ la sì ti kọ́ èyí tí mo wá sọ lónìí. Ohun tá a yí padà ò pọ̀. Tẹ́lẹ̀, ìwé kíkà la pín. Lẹ́yìn náà, a ò pín ìwé kíkà mọ́, gbogbo wa la gbọ́dọ̀ ka gbogbo ẹ̀, ohun tá a wá pín ni iṣẹ́ gbígbé ìbéèrè kalẹ̀. Ìwọ lo máa sẹ́ẹ̀tì ìbéèrè láti orí kejì, èmi láti orí kẹta, a ó pàdé, a ó pààrọ̀, kálukú á dáhùn ìbéèrè láti orí tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀, ẹ lè bi mí. Ẹ wò ó, ẹni tó bá fún ẹ ní kókó ọ̀rọ̀, ó ti bá ẹ jẹ ẹ́ tán, ó kàn pọ̀ ọ́ sí ẹ lẹ́nu ni. Àmọ́ ẹni tó bá bi ẹ́ ní ìbéèrè, ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ wá ìdáhùn lágbárí ẹ, wíwá yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí nǹkan dúró. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní yunifásítì kan nílùú St. Louis ní Amẹ́ríkà, dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kékeré kà, wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí àwọn tó kù gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló borí, 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí 75. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dúró dìgbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá, àwọn tó tún un kà rántí 42 péré, àwọn tó ti kọ ọ́ látorí rántí 56. Ohun tó ń tan wá jẹ rèé o: téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé tán, tó tún un kà, ó máa ń dà bíi pé ó ti wọlé, òótọ́ ni pé ó wọlé, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdánwò kì í wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó dáa, bá a ṣe ṣe é nìyí. Èèyàn márùn-ún. Páàkì tiwa lọ́dún kejì yẹn, wọ́n ti dín in kù sí orí mẹ́wàá. Ìpàdé mẹ́rin la ṣe, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Ìpàdé kìíní, orí kìíní dé ìkarùn-ún, gbogbo wa gbọ́dọ̀ ti ka márààrún ká tó wá, ṣùgbọ́n kálukú ní orí kan tó máa mú ìbéèrè mẹ́rin wá látinú ẹ̀. Ìpàdé kejì, orí kẹfà dé ìkẹwàá, bákan náà. Ìpàdé kẹta, a padà sí orí kìíní dé ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n a ti yí i, ẹni tó mú orí kìíní tẹ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mú un mọ́. Ìkẹrin, a padà sí ìdajì kejì. Ẹ̀ ń rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń wà láàárín ká tó tún padà bá orí kan, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè ti fẹ́ máa sá lọ díẹ̀ ká tó lọ fà á padà.

Ìbéèrè mẹ́rin yẹn, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń mú wá ni "Kí ni ẹlasítísítì?" Ìbéèrè yẹn ò wúlò púpọ̀. Ẹni tó bá ti há ìlà kan sórí á kọ ọ́, á gba máàkì ẹ̀, tó ò bá wá ní kó bá ẹ ṣírò nǹkan kan báyìí, á máa wò ẹ́ bí ẹni wo tẹlifíṣàn. Àdéhùn wa ni pé ẹyọ kan péré nínú mẹ́rin ló lè jẹ́ "kí ni", mẹ́ta tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa ní kéèyàn ṣe nǹkan: kó ṣírò, kó yan èyí tó tọ̀nà kó sọ ìdí ẹ̀, kó wá àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ kan. Àdéhùn kejì tún wà, pé ìbéèrè tí ò ní ìwé máàkì tiẹ̀, a ò gbà á. Ìwé máàkì yẹn, ìdáhùn lo máa kọ síbẹ̀, pẹ̀lú bó o ṣe máa pín máàkì, pẹ̀lú ojú ìwé tí ìdáhùn wà nínú páàkì. Ojú ìwé yẹn kì í ṣe fún fàájì o, òun ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ fọ́múlà ìdoríkodò ọjọ́sí.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan tá a lò lóòótọ́. Ìyá kan ń ta búrẹ́dì, náírà 1,000 ló ń tà á, ó ń ta 60 lóòjọ́. Ó wá gbé e sókè sí náírà 1,200, ló bá di 54 tó ń tà. Ṣírò ẹlasítísítì, kó o sọ bóyá owó tó ń wọlé fún un lóòjọ́ lọ sókè ni àbí ó wá sílẹ̀, máàkì márùn-ún.

```
E = (ΔQ / Q) ÷ (ΔP / P)
```

Q ni iye tó ń tà, P ni owó ọjà, Δ ni ohun tó fi yí padà, a kì í ka àmì ìyọkúrò sí. Ìwé máàkì ẹ̀ lọ báyìí: owó ọjà fi 200 lọ sókè lórí 1,000, ìyẹn 20%, máàkì kan. Iye tó tà fi 6 wálẹ̀ lórí 60, ìyẹn 10%, máàkì kan. Tá a bá fi 20 pín 10, a rí 0.5, máàkì kan. Ó kéré sí ẹyọ kan, ìnẹlásítíìkì nìyẹn, ìyẹn ni pé àwọn oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ sá, máàkì kan. Owó tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ jẹ́ 60,000, ó di 64,800, ó lọ sókè, máàkì kan. Ẹ wá wo ẹni tó bá lo fọ́múlà ìdoríkodò tiwa: á fi 10 pín 20, á rí 2, á ní àwọn èèyàn sá gan-an, á ní owó ìyá yẹn wálẹ̀, tá a bá wá ní kó ṣírò owó náà fúnra ẹ̀, á rí i pé ó lọ sókè. Apá ìkẹyìn ìbéèrè yẹn ló máa tú àṣìṣe apá àkọ́kọ́ síta. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìbéèrè tó ní apá méjì tó ń ṣọ́ ara wọn nìyẹn.

Ìbéèrè wá-àṣìṣe náà rọrùn láti ṣe, ó sì máa ń ká èèyàn mọ́ gan-an. Ọ̀kan rèé látinú orí kejì: "Gàárì wọ́n, àwọn èèyàn dín èyí tí wọ́n ń rà kù, ìyẹn ni pé dìmáàndì gàárì ti wálẹ̀. Wá àṣìṣe ibẹ̀." Ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kọ ọ́ pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó sì wà. Dìmáàndì ni iye tí èèyàn fẹ́ rà ní oríṣiríṣi owó, ìlà kan ni wọ́n sì fi ń yà á. Tó bá jẹ́ owó gàárì fúnra ẹ̀ ló yí padà, dìmáàndì ò mira, orí ìlà kan náà la ṣì wà, iye tí wọ́n fẹ́ rà ní owó tuntun yẹn ló dínkù. Kí dìmáàndì fúnra ẹ̀ tó wálẹ̀, nǹkan mìíràn ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, bóyá owó oṣù èèyàn já, bóyá owó ìrẹsì wálẹ̀ táwọn èèyàn wá kọ̀yìn sí gàárì, ìgbà yẹn ni gbogbo ìlà náà máa sún. Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ la máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu pé dìmáàndì ti wálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú èèyàn lọ́jà, àmọ́ máàkì á lọ níbi ìdánwò.

Ọjọ́ ìpàdé ńkọ́? Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. A jókòó yí tábìlì ká, kálukú mú ìwé ìbéèrè ẹ̀ lọ́wọ́, ìwé máàkì wà nínú báàgì, a gbé páàkì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a dojú ẹ̀ bolẹ̀. Tí ẹni tó ń wo aago bá ní ó yá, oníkálukú á ti ìbéèrè ẹ̀ sí ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ogún ìṣẹ́jú fún ìbéèrè mẹ́rin, o ò sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sórí ìwé ìbéèrè, inú ìwé tìẹ lo ti máa dáhùn, kí ẹni tó kàn má bàa rí ohun tó o kọ. Ogún ìṣẹ́jú pé, ẹ tún tì í sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa tì í, ìyẹn 80 ìṣẹ́jú, kálukú á ti dáhùn ìbéèrè 16, ìbéèrè tiẹ̀ nìkan ni kò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn á padà sọ́dọ̀ oníbèéèrè, òun ló máa máàkì gbogbo ìdáhùn mẹ́rin tó wá sórí ìbéèrè ẹ̀.

Máàkì yìí, mo rò pé òun ló kọ́ mi ní nǹkan jù. Téèyàn bá to ìdáhùn mẹ́rin sórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Tí gbogbo wọn bá gbà á láìṣe wàhálà, ìbéèrè yẹn ti fúyẹ́ jù, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ le é sí i. Tí ẹnì kan bá kùnà, ẹni yẹn ló máa padà lọ ka ojú ìwé tá a kọ sílẹ̀, kò nílò kí gbogbo ẹgbẹ́ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kùnà, má tíì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, tún ìbéèrè ẹ wò ná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ lo ṣì í kọ tàbí pé bí páàkì ṣe ṣàlàyé ẹ̀ ò yéèyàn. Ibẹ̀ la máa ń ná ogójì ìṣẹ́jú tó kù sí, orí àwọn ìbéèrè tí gbogbo ayé kùnà nìkan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìpàdé kẹta rèé, ariwo wa débi pé ẹ̀ṣọ́ wá kan ìlẹ̀kùn. Orí ẹlasítísítì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ mi yìí ò fẹ́ wàhálà, ó mú ìbéèrè oníbúrẹ́dì yẹn, ó yí 54 padà sí 50, ó gbé e kalẹ̀. Ó fi fọ́múlà kan náà ṣírò ẹ̀ sínú ìwé máàkì: 10 lórí 60 jẹ́ 16.7%, owó ọjà 20%, ó rí 0.83, ó ní ìnẹlásítíìkì ni, ó sì kọ ọ́ pé owó ìyá yẹn á lọ sókè. Kò ṣírò owó náà. Ọ̀kan nínú wa ló ṣírò ẹ̀: 1,200 lọ́nà 50, 60,000. Iye kan náà tó ń wọlé tẹ́lẹ̀! Kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ìjà. Oníbèéèrè ní fọ́múlà ò lè parọ́, ẹni kejì ní owó ò lè parọ́.

Àwọn méjèèjì ò parọ́. A ṣí páàkì, a rí i pé ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, fọ́múlà kejì wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ti ń fò kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní ti àárín. Dípò kéèyàn pín in pẹ̀lú iye ìbẹ̀rẹ̀, iye tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ló máa lò. Àárín 60 àti 50 jẹ́ 55, àárín 1,000 àti 1,200 jẹ́ 1,100.

```
E = (10 / 55) ÷ (200 / 1100) = 1
```

Ẹyọ kan géérégé, ìyẹn sì ni pé owó tó ń wọlé ò ní yí padà, ó bá 60,000 yẹn mu rẹ́gí. Fọ́múlà àkọ́kọ́ dára tí owó ọjà bá yí díẹ̀ bíńtín, tó bá ti fò bí 20% báyìí, ó máa ń ṣì wá lọ́nà, pàápàá tí ìdáhùn bá súnmọ́ ẹyọ kan. Ẹ tún padà lọ fi ti àárín ṣírò 54, ẹ máa rí 0.58 dípò 0.5, ìdájọ́ ò yí padà níbẹ̀, ìdí tí a ò fi mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Látọjọ́ yẹn, òfin wọlé: tí ọ̀nà ìṣírò bá ju ẹyọ kan lọ, inú ìbéèrè lo ti máa sọ èyí tó o fẹ́. Mi ò lè gbàgbé ojú ìwé yẹn láéláé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á kọjá kí ìjà yẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí nǹkan yìí ti máa ń bà jẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá. Àwọn kan máa ń wọ́ ìbéèrè tó wà ní ìparí orí nínú páàkì wá bó ṣe wà, gbogbo èèyàn ti rí i tẹ́lẹ̀, kò dán ẹnikẹ́ni wò. Àwọn kan á lọ wá nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan, irú "ọdún wo ni wọ́n bí ẹni tó kọ ìwé tó wà ní ojú ìwé kejìlélógójì", kí ẹgbẹ́ wọn ṣáà lè kùnà, ìyẹn ìlara ni, kì í ṣe ìwé. Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan fi ìbéèrè ẹ̀ sórí Wáàsáàpù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Kò sẹ́ni tó máa ka orí yẹn mọ́, ìdáhùn mẹ́rin péré ni wọ́n máa wá. Ẹ máa mọ̀ ọ́n o, tẹ́ ẹ bá rí i tí gbogbo èèyàn ṣàdédé gba gbogbo ìbéèrè ẹnì kan tí wọ́n ń kùnà ti àwọn yòókù, ẹ wo fóònù.

Ó sì níbi tí agbára ẹ̀ mọ. Orí tí kò tíì yé ẹnikẹ́ni nínú yín, ìbéèrè ò lè là á, ìgbà táwa dé orí tó sọ̀rọ̀ nípa ìlà ìtẹ́lọ́rùn, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní indifẹ́rẹ́nsì kọ́ọ̀fù, afọ́jú ń fọ̀nà han afọ́jú ni, ìwé máàkì márùn-ún, irọ́ márùn-ún. A dá a dúró, a lọ bá ẹni tó ń ṣe tùtóríà, ó ṣàlàyé ẹ̀ ní wákàtí kan, ìgbà yẹn la tó sẹ́ẹ̀tì ìbéèrè lórí ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa méjì péré la wà ńkọ́?" Mo ní ó ṣeé ṣe, kí ẹ pín orí sí àìdọ́gba àti dídọ́gba, ìwọ 1, 3, 5, ẹnì kejì 2, 4, 6, kí ẹ pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìdáhùn mẹ́rin tò sórí ara wọn, torí náà tí ẹnì kejì ẹ bá kùnà, ẹ jọ ṣí páàkì ni, torí ẹ ò lè mọ̀ bóyá ìbéèrè ló lábùkù àbí ẹni tó dáhùn.

Ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn náà wá béèrè ohun tí a máa ń ṣe fún ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó mọ ẹni tó ń bá wí. Mo ní tiwa, a kì í lé e padà, a kì í sì í jẹ́ kó dáhùn ìbéèrè wa. Igun tábìlì la máa ń gbé páàkì sí fún un, kó jókòó síbẹ̀ fún 80 ìṣẹ́jú yẹn, kó sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tiẹ̀ pẹ̀lú ìwé máàkì, tá a bá dáhùn ìbéèrè ara wa tán, a ó dáhùn tiẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ṣe é, èmi gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún.